Láti Sọ́dọ́ọ̀sì Bódìjà Dé Inú Ìkòkò Ọbẹ̀: Bí Olú Ọ́sítà Ṣe Ń Hù Nínú Àpò, Àti Ohun Tó Ń Bà Á Jẹ́

Ẹni tó bá ti gba ọjà pákó Bódìjà kọjá rí mọ bí òkìtì sọ́dọ́ọ̀sì ṣe máa ń ga lẹ́yìn àwọn sọ̀míìlì. Wọ́n ń kó o dànù, wọ́n ń dáná sun ún, òjò sì ń gbá lára rẹ̀ lọ. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé àpò ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀ láti lọ kó o. Inú sọ́dọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n ti ń gbin olú ọ́sítà, olú funfun tàbí aláwọ̀ eérú tó máa ń ṣù pọ̀ bí etí tí wọ́n tò léra.

Láti ọjọ́ tí wọ́n bá fi irúgbìn sínú àpò, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa ń gbà kí ìkórè àkọ́kọ́ tó dé. Iṣẹ́ náà kò fẹ́ ilẹ̀ púpọ̀. Yàrá kan tí kò gba oòrùn tó fún un ní Àgbowó tàbí ní Challenge. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò bá a dé ibi ìkórè. Ẹlòmíì, àpò rẹ̀ á di àwọ̀ ewé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹlòmíì, àpò rẹ̀ á funfun dáadáa, olú á yọrí, ọyẹ́ á sì fẹ́ sí i, gbogbo rẹ̀ á gbẹ. Ìṣòro méjèèjì ló ní ìdí, ó sì ṣeé rí lójú kí owó tó ṣòfò tán.

Olú tó ń jẹ igi

Olú tí àwọn àgbà máa ń ká lẹ́bàá ọ̀gán nígbà òjò kì í dá gbé. Ikán ló ń tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, nínú ilé tí wọ́n kọ́. Bí kò bá sí ikán, kò sí olú yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi lè gbìn ín sínú àpò. Ti ọ́sítà yàtọ̀. Igi tó ti kú ló ń jẹ. Nínú igbó, ara ìtì igi tó ṣubú ló máa ń hù sí. Bí èèyàn bá wá fún un ní igi tí ẹ̀rọ ti lọ̀ kúnná, oúnjẹ rẹ̀ ló fún un yẹn.

Ohun tí ojú ń rí tí a ń pè ní olú, èso ni. Ara rẹ̀ gan-an ni fọ́nrán funfun tín-ín-rín tó máa ń ta káàkiri inú igi bí òwú aláǹtakùn. Fọ́nrán yìí ló ń jẹun, tó ń kó agbára jọ. Ìgbà tó bá ti jẹun yó, tí afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin bá kàn án, ló máa ń so.

Nítorí náà, ayé méjì ni àpò olú ń gbé. Ayé àkọ́kọ́, inú òkùnkùn ni, ẹnu àpò dí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi omi kàn án. Ayé kejì, ẹnu àpò ṣí, omi ń fẹ́ káàkiri yàrá, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ohun tí àpò nílò ní ayé kìíní ló máa ń pa á ní ayé kejì, ohun tó nílò ní ayé kejì ló sì máa ń pa á ní ayé kìíní. Ẹni tó bá di èyí mú, ìyókù á yé e.

Sọ́dọ́ọ̀sì wo ló dára?

Kì í ṣe gbogbo sọ́dọ́ọ̀sì ló dára. Igi tó fúyẹ́, tí kì í pẹ́ jẹrà, ni ọ́sítà fẹ́ràn. Àrẹrẹ wà lára èyí tó dára jù, àfàrà náà sì ṣeé lò. Àmọ́ ìrókò àti tíìkì, ohun tó jẹ́ kí káfíńtà fẹ́ràn wọn náà ni kì í jẹ́ kí olú fẹ́ràn wọn: ohun kan wà lára igi wọn tí kì í jẹ́ kí wọ́n tètè jẹrà. Ẹni tó bá lọ sí Bódìjà gbọ́dọ̀ béèrè igi tí wọ́n là lọ́jọ́ yẹn, kó má kàn ki ọwọ́ bọ òkìtì. Kó tún wò ó bóyá wọ́n ti fín oògùn kòkòrò sí pákó náà, tàbí bóyá dísù àti ọ́ìlì ẹ̀rọ ti kán sí sọ́dọ́ọ̀sì náà. Irú èyí kò ṣeé fi gbin ohun tí èèyàn máa jẹ.

Ní orílẹ̀-èdè Gánà, níbi tí ilé ìwádìí oúnjẹ ti CSIR ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ yìí láti nǹkan bí 1990, sọ́dọ́ọ̀sì àrẹrẹ ni wọ́n ń lò jù. Wáwà ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Wọn kì í lò ó ní tútù. Wọ́n máa ń fi omi rin ín, wọ́n á kó o jọ ní òkìtì, wọ́n á sì máa yí i padà ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin fún ọjọ́ 28. Bó ṣe ń gbóná nínú òkìtì, tó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, ni àwọn ohun dídùn tí bíbu fẹ́ràn ń tán lára rẹ̀, igi náà sì ń rọ̀. Ọ̀nà yìí bá Ìbàdàn mu, torí igi kan náà ni, ojú ọjọ́ sì fara jọ ara wọn.

Ẹni tó bá rí koríko ìrẹsì gbígbẹ lè lo ìyẹn dípò sọ́dọ́ọ̀sì. Wọ́n máa ń gé e sí wẹ́wẹ́, kí gígùn rẹ̀ tó ìka ọwọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, wọ́n á wá rì í sínú omi gbígbóná tí kò hó, bíi ìwọ̀n 70 sí 80, fún wákàtí kan sí méjì. Lẹ́yìn tó bá ti ro dáadáa, wọ́n á máa tò ó sínú àpò ní ìpele ìpele, irúgbìn á wà láàárín ìpele kọ̀ọ̀kan. Fọ́nrán máa ń yára ta nínú koríko ju inú sọ́dọ́ọ̀sì lọ. Àmọ́ ní Ìbàdàn, sọ́dọ́ọ̀sì ló sún mọ́ni jù, òun náà ni ìyókù àlàyé yìí dá lé.

Àpò 20: bí wọ́n ṣe ń pò ó

Ká sọ pé ẹnì kan ní Àgbowó fẹ́ fi àpò 20 bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 28 inú òkìtì, á sá sọ́dọ́ọ̀sì náà kó gbẹ, á sì wọn kílò 6 àti ààbọ̀. Á wá fi kílò 1 àti ààbọ̀ wíìtì ọ́fà sí i, èyí tí àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ń tà, pẹ̀lú láìmù tí wọ́n ń dà sóko, nǹkan bíi gíráàmù 80. Wíìtì ọ́fà ló máa ń fi kún oúnjẹ tó wà nínú igi. Láìmù ni kì í jẹ́ kó kan.

Ẹlòmíì á ní tí wíìtì ọ́fà bá pọ̀, olú á pọ̀. Òótọ́ ni dé ibì kan, àmọ́ ohun tó dùn mọ́ olú ló dùn mọ́ bíbu náà. Ẹni tó jẹ́ pé inú dúrọ́ọ̀mù ló máa ti se àpò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi kọjá ìdá kan nínú márùn-ún.

Wọ́n á kọ́kọ́ po ohun gbígbẹ wọ̀nyí pọ̀ dọ́gba kí omi tó dé. Omi tí àpò 20 máa gbà tó lítà 11 sí 12, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dà á. Tó bá ti tó lítà 10, kí ọwọ́ bu ún kó sì fún un gírígírí. Tí ẹ̀kán omi méjì mẹ́ta bá yọ láàárín ìka, tó sì dúró bí ìṣù nígbà tí ọwọ́ bá ṣí, ó ti tó. Tí omi bá ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù, ìsàlẹ̀ àpò á di ẹrẹ̀, á sì rùn. Tí ìṣù náà bá tú ká, omi kò tíì tó.

Àpò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú náílọ́ọ̀nù líle tó ń gba ooru. Náílọ́ọ̀nù pọ́ọ̀wọ́tà máa ń rọ̀ nínú ooru, á sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Wọ́n á ki sọ́dọ́ọ̀sì sínú rẹ̀ títí tó fi máa sún mọ́ kílò kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kó le díẹ̀. Wọ́n á wá ki ẹnu àpò gba inú páìpù kékeré tí wọ́n gé bí òrùka, wọ́n á fi òwú dí ihò rẹ̀, wọ́n á fi bébà bo òwú náà, wọ́n á sì fi rọ́bà dè é, kí òwú má bàa tutù nínú dúrọ́ọ̀mù. Òwú tó bá tutù, ọ̀nà ni ó ṣí sílẹ̀ fún bíbu.

Sísè nínú dúrọ́ọ̀mù

Dúrọ́ọ̀mù irin kan tó fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n á da omi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó jìn tó ìbú ọwọ́ méjì, wọ́n á to igi tàbí irin lé e kí àpò má kan omi, wọ́n á wá to àpò lé e. Wọ́n á bo ẹnu dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á sì dáná sí i.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n máa ń ka wákàtí láti ìgbà tí wọ́n dáná. Ìgbà tí ooru omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lọ́tùn-ún lósì láti abẹ́ ìdérí ni kíkà ń bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Ooru kì í tètè dé àárín àpò, ó sì jẹ́ pé àárín yẹn ni bíbu ń sá pamọ́ sí. Omi kò gbọ́dọ̀ gbẹ nínú dúrọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pa iná, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ ní bíbò títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́.

Irúgbìn: ohun tó yẹ kí ojú wò

Irúgbìn olú, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sípọ́ọ̀nù, kì í ṣe hóró olú. Ọkà bàbà ni, tí wọ́n ti sè, tí fọ́nrán olú sì ti jẹ dé gbogbo ara rẹ̀ nínú ìgò tàbí nínú àpò. Ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti ń ṣe é, torí ooru tí wọ́n fi ń pa kòkòrò tó fara pamọ́ sínú ọkà gbọ́dọ̀ ju ti omi tó ń hó lọ, ó tó ìwọ̀n 121, inú ìkòkò tó ń fúnra rẹ̀ pa ni wọ́n sì ti ń rí i. Dúrọ́ọ̀mù kò lè ṣe èyí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé rírà ni olùbẹ̀rẹ̀ ń ra irúgbìn. Ilé ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, ní Èkó, wà lára àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí olú fún ọjọ́ pípẹ́. Ní Ìbàdàn níbí, ẹni tó bá fẹ́ béèrè lè lọ sí NIHORT ní Ìdí-Ìṣin, lágbègbè Jẹ́ríkò.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí oníbàárà béèrè ni irú olú tó jẹ́. Ọ́sítà pọ̀ ní oríṣi, àwọn kan sì fẹ́ òtútù ju èyí tó wà ní Ìbàdàn lọ. Irúgbìn irú yẹn á ta fọ́nrán dáadáa, àpò á funfun, kò sì ní so. Èyí tó wà fún ilẹ̀ wa ni irú tó ń so nínú ooru, bí èyí tí wọ́n kọ Pleurotus pulmonarius sí lára.

Ohun kejì ni kó wo ìgò náà nínú ìmọ́lẹ̀. Gbogbo hóró gbọ́dọ̀ funfun. Tí àwọ̀ ewé, dúdú tàbí àwọ̀ ọsàn bá wà níbikíbi, kó má gbà á, bó ti wù kó kéré mọ. Tí omi bá dúró sí ìsàlẹ̀ ìgò, tí ó sì ń rùn kíkan, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Òórùn olú tútù ló yẹ kó jáde. Irúgbìn kì í pẹ́ nílẹ̀. Inú fíríìjì ló yẹ kó wà, kì í ṣe ibi tí ń sọ nǹkan di yìnyín, ó sì dára kí wọ́n lò ó láàárín oṣù kan.

Fún àpò tó sún mọ́ kílò kan, gíráàmù 40 tó, bíi ẹ̀kún ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta. Fún àpò 20, gíráàmù 800 nìyẹn. Wọ́n kò gbọ́dọ̀ fi irúgbìn sí àpò tó ṣì gbóná. Tí wọ́n bá gbé àpò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí kò gbóná ju ara lọ, ó ti tó. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é kò gbọ́dọ̀ ní afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́: fèrèsé dí, fáànù pa, wọ́n ti fi omi nu ilẹ̀ kí eruku lè jókòó. Wọ́n á fi sípírítì nu ọwọ́ àti ẹnu ìgò. Èèyàn méjì ló ń mú iṣẹ́ yìí yá: ọ̀kan á ṣí òwú, èkejì á da irúgbìn sí i, wọ́n á tún dí i kíá. Ẹnu àpò kò gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Ayé kìíní: òkùnkùn àti sùúrù

Wọ́n á wá gbé àwọn àpò síbi tí kò sí oòrùn, kí wọ́n jìnnà síra wọn díẹ̀, torí fọ́nrán tó ń jẹun máa ń mú ooru jáde. Ìwọ̀n 25 sí 28 ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù ni wíwò. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi omi kàn wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ṣí wọn láti fi ìka tọ́ ọ wò.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, fọ́nrán funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í ta láti ara hóró. Á máa sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó da wàrà sínú àpò. Bí àwọ̀ ewé bá jáde, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ ẹni tó jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ ẹnu àpò, lẹ́bàá irúgbìn, ọwọ́ tàbí afẹ́fẹ́ ọjọ́ ìfúnrúgbìn ló gbé e wọlé. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ tàbí àárín, tó fọ́nká síbi púpọ̀, dúrọ́ọ̀mù kò hó pẹ́ tó. Bó bá jẹ́ ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò, kí wọ́n wá ihò níbẹ̀, ìṣó tàbí èèkánná ló lu ú. Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo àpò ló bu lọ́sẹ̀ kan náà, irúgbìn gan-an ni kí wọ́n fura sí. Tí ibì kan nínú àpò bá wà tó tutù, tó ń rùn kíkan, tí fọ́nrán kò sì wọ̀ ọ́, omi ló pọ̀ jù.

Àpò tó bá ti bu, wọ́n á rọra gbé e jáde ní dídì bẹ́ẹ̀, wọn kò ní ṣí i nínú yàrá. Eruku ewé yẹn, irúgbìn bíbu ni, ìwọ̀nba tó bá tú dànù tó láti ba ìyókù jẹ́. Kí wọ́n yára jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá jẹ́ àwọ̀ ọsàn, tó dà bí àtíkè lẹ́nu àpò: ìyẹn lè yí gbogbo yàrá ká láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta. Nínú àpò 20 olùbẹ̀rẹ̀, kí méjì tàbí mẹ́ta bàjẹ́ kì í ṣe ohun tuntun. Tí mẹ́wàá bá bàjẹ́, kó má ra irúgbìn míì títí á fi mọ èyí tó fà á nínú àwọn ìdí tó wà lókè yìí.

Ayé kejì: ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀

Nígbà tí àpò bá ti funfun látòkè délẹ̀, wọ́n máa ń fi ọjọ́ díẹ̀ kún un kí ara rẹ̀ lè le. Wọ́n á wá yọ òwú àti òrùka kúrò lẹ́nu rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi abẹ tó mọ́ là á níbi méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án ni olú á gbà jáde.

Láti ìgbà yìí, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yàrá gbọ́dọ̀ wà láàárín 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọ̀n ọ́n, tó ṣeé gbé kọ́ ògiri, ó sì dára ju kí èèyàn máa méfò. Ohun tó ń mú ọ̀rinrin dúró ni omi tí wọ́n ń fín sára ògiri, sí ilẹ̀, àti sára àpò ìdọ̀họ tí wọ́n fi kọ́ fèrèsé. Lásìkò òjò, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ lè tó. Bí ojú ọjọ́ bá gbẹ, ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún. Omi kò gbọ́dọ̀ máa kán sórí àwọn ọmọ olú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Á sọ wọ́n di pupa rúsúrúsú, wọ́n á sì rà.

Ọ̀rinrin nìkan kò tó. Olú ń mí bí èèyàn. Ẹni tó bá ti gbogbo ihò pa kí omi má bàa gbẹ á rí olú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, tí orí rẹ̀ kéré bíi bọ́tìnnì. Afẹ́fẹ́ ló ń béèrè. Tí orí olú bá ń là létí, tí ọmọ olú sì ń gbẹ kó tó dàgbà, omi ló ń béèrè. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n lè fi ka ìwé ìròyìn tó, oòrùn kò gbọ́dọ̀ tàn sí i.

Kò sí ìgbà tó le fún ayé kejì yìí bí ìgbà ọyẹ́. Láti December títí wọ February, ọ̀sán Ìbàdàn máa ń gbẹ débi pé ètè ń là, omi tí wọ́n sì fín á gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá ní yàrá tó tutù, tó lè máa fín omi láràárọ̀ lọ́sàn-án lálẹ́, lè bá a jà. Olùbẹ̀rẹ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò lè bá a jà. Ohun tó kàn án ni kó ka oṣù padà sẹ́yìn.

Fún ẹni Àgbowó yẹn, ó lè rí báyìí. Ó rin sọ́dọ́ọ̀sì ní August 1, ó sì ti sọ fún ẹni tó ń ta irúgbìn pé September 1 lòun máa nílò rẹ̀. Ó se àpò ní August 31, ó fi irúgbìn sí i lọ́jọ́ kejì. Ní ìparí September, àpò ti funfun. Ní October 3, ó ṣí àpò 10 péré. Ó ṣí ìyókù ní October 10. Olú àkọ́kọ́ yọrí ní nǹkan bí October 8, ó sì ká a ní October 12. Àpò kan náà á tún so lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, á tún so lẹ́ẹ̀kẹta ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ní àárín November, iṣẹ́ ti parí, ọyẹ́ kò tíì dé.

Ìdí tí kò fi ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni pé olú kì í dúró dé oníbàárà. Àpò tí wọ́n bá jọ ṣí máa ń jọ so láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ẹni tó bá pín wọn sí méjì á ní ohun tó máa gbé dé ilé oúnjẹ ní Ring Road tàbí ọ̀dọ̀ oníbàárà rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, á tún ní ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ ìkórè: ìyàtọ̀ ọjọ́ kan

Láti ìgbà tí ọmọ olú bá yọrí bí orí ìṣáná, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ló kù. Ó máa ń yára débi pé ohun tó kéré láàárọ̀ á ti fẹjú lálẹ́. Etí orí olú ni wọ́n ń wò. Tí etí náà bá ṣì ká wálẹ̀ díẹ̀, bí etí àwo tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ́, àkókò rẹ̀ ti tó. Tó bá ti yí sókè, tó ń jà bí etí aṣọ, ó ti kọjá. Ní ìgbà náà, ẹran rẹ̀ á ti fẹ́lẹ́, á tètè rà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti le. Á sì ti máa da eruku funfun sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Eruku yẹn ni hóró olú gan-an. Ẹni tó bá ń fà á símú lójoojúmọ́ nínú yàrá tó dí lè bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ní àpò púpọ̀ fi ń bo imú.

Olú tó tóbi jù nínú ìṣù ni wọ́n ń wò, wọn kì í dúró de àwọn kékeré. Àárọ̀ ni wọ́n ń ká a, kí wọ́n tó fín omi, torí olú tó tutù kì í pẹ́ rà. Wọ́n á di ìdí ìṣù náà mú, wọ́n á yí i, á sì já pátápátá. Kò yẹ kí wọ́n gé orí kí wọ́n fi kùkùté sílẹ̀. Kùkùté yẹn á rà, eṣinṣin á yé sí i, ìkórè kejì á sì bàjẹ́. Olú míì tó bá hù lára àpò, bí àwọn tíntìntín tí orí wọn ń yọ́ di omi dúdú, kì í ṣe ohun tí wọ́n gbìn. Dídànù ni.

Níti ohun tí èèyàn lè retí: kílò 8 ohun gbígbẹ ló wọ àpò 20 yẹn. Ní ìkórè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, olú tútù tó jẹ́ ìdajì ìwọ̀n yẹn, ìyẹn kílò 4, dára fún olùbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tó ti mọ́ ọn lè rí ju kílò 5 lọ. Ìkórè àkọ́kọ́ ló máa ń pọ̀ jù, ó sábà máa ń tó ìdajì gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, àpò á ti fúyẹ́, á ti rọ̀, kò sì tọ́ kó máa gba àyè. Inú oko ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń tú u sí.

Olú tútù kì í lo ju ọjọ́ kan lọ nínú ooru. Inú fíríìjì, nínú bébà tàbí abọ́ tó lálùmọ́, ó lè lo bí ọjọ́ márùn-ún. Tí wọ́n bá dì í pa sínú náílọ́ọ̀nù, á làágùn, á sì máa yọ̀. Èyí tí kò bá rí olùrà, wọ́n máa ń ya á sí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á sá a síbi tí afẹ́fẹ́ wà títí á fi máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Omi ló pọ̀ jù lára olú, nítorí náà kílò 4 tútù kò ní ju nǹkan bíi gíráàmù 400 lọ tó bá gbẹ. Àmọ́ gíráàmù 400 yẹn á ṣì wà nínú ìgò tó dí dáadáa nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí kò sí ẹni tó ń ká tútù.